Omi Àkọ́ṣàn àti Ètò Ìgbomi Òjò Orí Òrùlé ní Rumuokwurushi

Omi àkọ́ṣàn ni omi òjò tí ó kọ́kọ́ ṣàn kúrò lórí òrùlé nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó máa ń ru eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ, ewé gbígbẹ àti èéfín tí ó ti bà sórí páànù láti ìgbà tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Páìpù omi àkọ́ṣàn ni apá kan nínú ètò ìgbomi òjò tí ó ń ya omi yìí sọ́tọ̀, kí ó má baà wọ inú táńkì. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí a ṣe ń ṣe ìwọ̀n páìpù náà, bí a ṣe ń so ó mọ́ gọ́tà òrùlé, asẹ́, táńkì àti páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ ilé kan ní Rumuokwurushi, ìlú Ìkwéré kan tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ láti Pọtakọ́ọ̀tù sí Aba.

Èrò tí ó wà nídìí páìpù yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nílé àwọn òbí wa, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sáré gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Wọn a kọ́kọ́ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé omi tí ń já bọ́ ti mọ́ ni wọn a tó gbé garawa àti bàsíà síta. Ojú ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n táńkì kò ní ojú, òjò sì lè rọ̀ lóru tàbí nígbà tí gbogbo ará ilé wà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ojú ìyá àgbà ń ṣe ni páìpù omi àkọ́ṣàn ń ṣe. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà láàrin wọn ni pé ojú ń wo bí omi ṣe mọ́ tó, páìpù sì ń wo bí omi ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, bí a bá ṣi ìwọ̀n rẹ̀ gbà, páìpù náà yóò wà lára ògiri, yóò dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, idọ̀tí yóò sì máa wọ inú táńkì lójoojúmọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le ní Pọtakọ́ọ̀tù

Òjò kò wọ́n ní agbègbè yìí. Ó ju 2,000 mílímítà lọ tí ń rọ̀ lọ́dọọdún. Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí dé oṣù Ọ̀wàrà ni òjò máa ń pọ̀ jù, kò sì sí oṣù kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò kò ní kán rárá. Omi ilẹ̀ náà kò jìnnà, kànga ẹ̀rọ sì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Pọtakọ́ọ̀tù máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń ní irin nínú. Bí a bá fà á sínú garawa funfun, yóò mọ́ gaara. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò ti pọ́n bí ìpẹtà. Aṣọ funfun kì í bá irú omi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fojú sí omi òjò, àní nígbà tí wọ́n bá ní kànga lágbàlá.

Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará Pọtakọ́ọ̀tù ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkíyèsí eruku èéfín dúdú kan tí ń bà sórí fèrèsé, ọkọ̀, aṣọ tí a sá àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú yàrá. Súùtì ni wọ́n ń pè é. Ohun tí a ń tọ́ka sí jù lọ gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀ ni epo rọ̀bì tí àwọn kan ń sè láìgbàṣẹ nínú igbó etí omi, àti bí àwọn agbófinró ṣe ń dáná sun irú ibùdó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2022, Gómìnà Nyesom Wike bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ láti ti àwọn ibùdó náà pa ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Ohun méjì nípa súùtì ló kan ẹni tí ó fẹ́ gbe omi òjò. Èkíní ni pé ó kúnná púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì lè gba inú aṣọ àti asẹ́ kọjá. Èkejì ni pé ó ru àwọn èròjà olóró tí epo tí kò jóná tán máa ń fi sílẹ̀, èyí tí sísè omi kò lè mú kúrò. A lè fi iná pa kòkòrò. A kò lè fi iná pa èéfín. Nítorí náà, ibi tí ó dára jù láti yanjú súùtì ni orí òrùlé fúnra rẹ̀, kí ó tó dé inú táńkì.

Omi mélòó ni a ó dà nù?

Ìṣirò tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé rọrùn. Bí òjò tí ó ga tó mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 1, lítà omi 1 ni. Fún òrùlé, kì í ṣe bí páànù ṣe gùn tó ní dídagun ni a ń wọ̀n, bí kò ṣe bí ilẹ̀ tí ó bò ṣe fẹ̀ tó, títí dé etí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí ilé kan bá gùn ní mítà 12, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, ilẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ bò jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 120. Bí òrùlé náà bá da omi sí apá méjì, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Gbogbo mílímítà 1 tí ó bá rọ̀ yóò mú lítà 60 wá sínú gọ́tà apá kan.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ètò ìgbomi òjò máa ń lò ni ìdajì lítà fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, àti lítà 2 níbi tí idọ̀tí ti pọ̀. Ní ọdún 2005, Brett Martinson àti Terry Thomas ti Yunifásítì Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó rọrùn láti rántí: bí a bá ti ń da mílímítà kọ̀ọ̀kan nù, idọ̀tí tí ó kù nínú omi tí ń bọ̀ máa ń dín sí ìdajì. Lẹ́yìn mílímítà 1, ìdajì ló kù. Lẹ́yìn 2, ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn 3, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìlànà àfojúsùn ni, kì í ṣe òfin tí kò lè yẹ̀. Síbẹ̀ ó fi hàn wá pé kò sí ibi kan tí omi ti ń dédé mọ́. Mímọ́ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwa ni a ó sì yan ibi tí a ó dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìṣirò yìí wo ohun tí a sábà máa ń rí. Púlọ́mbà a so páìpù íǹṣì 4 tí ó gùn tó mítà 1 mọ́ abẹ́ gọ́tà, a dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì sọ fún onílé pé òun ti ṣe ibi tí idọ̀tí yóò máa dúró sí. Páìpù íǹṣì 4 máa ń gba nǹkan bíi lítà 8 ní mítà kan. Lítà 8 lórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 60 kò ju bíi ìdá kan nínú ìdá méje mílímítà 1 lọ. Páànù kò tíì tutù tán tí páìpù náà ti kún. Gbogbo omi dúdú tí ó kù, inú táńkì ni ó ń lọ. Bí a bá fẹ́ da mílímítà 3 nù pẹ̀lú páìpù íǹṣì 4 nìkan, a nílò ju mítà 22 lọ, kò sì sí ilé onípele kan tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ìgbomi òjò ti kùnà nìyí. Páìpù náà kò bàjẹ́. Ó kéré ju òrùlé lọ ni.

Àpẹẹrẹ: apá kan òrùlé ilé onípele kan

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi àgbá oníke rọ́pò páìpù kúkúrú náà. Àgbá aláwọ̀ búlúù tí ó ń gba lítà 200, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ọṣẹ olómi wọlé, wọ́pọ̀ lọ́jà. Fún apá òrùlé wa tí ó jẹ́ 60, lítà 200 ju mílímítà 3 lọ díẹ̀. Kí a ra èyí tí orí rẹ̀ kò ṣeé ṣí, kí a sì bi ẹni tí ń tà á ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi inú àgbá yìí kò ní wọ táńkì, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí oògùn olóró máa kán sí àgbàlá.

Gíga ni ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣètò, nítorí omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Ká ní gọ́tà ilé náà wà ní mítà 2.9 sí ilẹ̀. Páìpù íǹṣì 4 yóò sọ̀kalẹ̀ láti inú gọ́tà títí dé mítà 2.4, níbi tí a ó ti fi ìsopọ̀ tí púlọ́mbà ń pè ní tíì sí i. Ẹsẹ̀ tíì tí ó lọ tààrà sísàlẹ̀ yóò wọ orí àgbá. Apá rẹ̀ tí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ yóò lọ sí táńkì. Ẹnu táńkì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju apá yìí lọ. Táńkì lítà 2,000 tí ó ga tó mítà 1.6, tí a gbé ka orí pèpéle kọnkéré tí ó ga ní ìdajì mítà, yóò ní ẹnu ní mítà 2.1. Èyí fún wa ní ìyàtọ̀ tó láti jẹ́ kí páìpù dagun díẹ̀ lọ sí táńkì.

Àgbá ga tó nǹkan bíi mítà 0.9. A ó gbé e ka orí ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù alábala márùn-ún, tí ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.2, kí orí rẹ̀ lè wà ní mítà 2.1, tí ó súnmọ́ abẹ́ tíì. Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí a kò fi gbé àgbá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí a sì dín ìnáwó búlọ́ọ̀kù kù. Ìdí ni pé bí àgbá bá kún, omi yóò dúró nínú páìpù tí ó wà lókè rẹ̀ títí dé tíì. Bí páìpù náà bá gùn ju mítà 1 lọ, ìwúwo omi inú rẹ̀ yóò máa ti orí àgbá sókè, ojú ìsopọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jò. Àgbá tí ó súnmọ́ tíì kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Lítà 200 wúwo tó kílógíráàmù 200, nítorí náà kí ìpìlẹ̀ náà fẹ̀ dáadáa, kí ó sì dúró lórí ilẹ̀ tí ó le, kì í ṣe orí iyanrìn tí òjò lè gbẹ́ lọ.

Lórí àgbá, a ó lu ihò méjì. Ihò ńlá ni páìpù íǹṣì 4 yóò gbà wọlé, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ díẹ̀ sínú àgbá. Ihò kékeré ni ti páìpù afẹ́fẹ́, ìdajì íǹṣì ní fífẹ̀, tí yóò gòkè lọ títí dé ìsúnmọ́ gọ́tà, kí nẹ́ẹ̀tì sì bo ẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí páìpù afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ inú àgbá yóò máa bá omi jà ní ẹnu ọ̀nà kan náà. Omi yóò máa ta padà, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì yà sí táńkì kí àgbá tó kún.

Ohun tí ó kù nínú àgbá ni bọ́ọ̀lù. Ọ̀rá epo àti súùtì tí ó fúyẹ́ máa ń léfòó. Bí àgbá bá ti kún, àwọn gan-an ni yóò wà lókè pátápátá, ní ìsúnmọ́ omi tuntun tí ń kọjá lọ sí táńkì, omi tí ń sáré kọjá sì lè fà wọ́n mọ́ra. Nítorí náà, a ó fi wáyà tí kì í dípẹtà ṣe àgò kékeré kan sábẹ́ ẹnu páìpù nínú àgbá, a ó sì fi bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ó tóbi ju ẹnu páìpù lọ sínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò sinmi sí ìsàlẹ̀ àgò, omi yóò sì rí àyè wọlé. Nígbà tí àgbá bá kún, bọ́ọ̀lù yóò léfòó, yóò sì dí ẹnu páìpù. Kò pọn dandan kí ó dí i pinpin. Ó tó kí ó ya omi méjèèjì sọ́tọ̀.

Ihò tí omi ń kán

Apá tí ó kéré jù nínú ètò yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Àgbá gbọ́dọ̀ ṣófo kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kún láti àná, omi àkọ́ṣàn tòní yóò kọjá lórí rẹ̀ lọ tààrà sí táńkì, yóò sì dà bí ẹni pé a kò fi àgbá síbẹ̀ rárá. A kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ yìí sí ọwọ́ ènìyàn, nítorí ọjọ́ tí ó bá gbàgbé ni òjò yóò rọ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó fi ẹnu ẹ̀rọ ìdajì íǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ àgbá nísàlẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ títí láé.

Báwo ni yóò ti ṣí tó? A fẹ́ kí lítà 200 tán láàrin ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fi wákàtí 24 pín lítà 200 lásán yóò ṣìnà, torí pé bí omi bá ti ń lọ sílẹ̀ nínú àgbá ni agbára tí ń tì í jáde ń dín kù. Ní àgbá tí ó dúró gbọọrọ, àkókò tí omi yóò fi tán máa ń tó ìlọ́po méjì èyí tí ìṣirò lásán sọ. Nítorí náà, kí a ṣètò ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí àgbá kún, kí igò tí ó gba ìdajì lítà lè kún níbẹ̀ láàrin nǹkan bíi ìṣẹ́jú 2. Ní ìwọ̀n yìí, yóò tán ní ọjọ́ kejì. Omi tí a ó sì pàdánù nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ kò ju bíi lítà 15 lọ ní wákàtí kan. Bí òjò kejì bá dé lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí àgbá ṣì kún dé ìdajì, kò burú, nítorí òrùlé náà kò tíì dọ̀tí púpọ̀.

Ìjàǹbá méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni pé súùtì àti ẹrẹ̀ ń dí ihò náà. Kí a má ṣe fi ẹnu ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí ó fi nǹkan bíi ìka mẹ́ta ga ju ilẹ̀ àgbá lọ, kí a sì fi páìpù íǹṣì 2 tí ó ní ìdérí sí ìsàlẹ̀ gan-an, láti ibi tí a ó ti máa tú ẹrẹ̀ jáde lóṣooṣù. Èkejì wá láti ọwọ́ ènìyàn rere. Àlejò tàbí ọmọ ilé rí omi tí ń kán, ó rò pé ẹnìkan gbàgbé láti ti ẹ̀rọ, ó sì fún un pa. Láti ọjọ́ náà ni ètò náà ti kú, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọ̀nà tí ó dájú ni kí a yọ ọwọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́yìn tí a bá ti ṣètò rẹ̀ tán.

Asẹ́: ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Asẹ́ àkọ́kọ́ yóò wà níbi tí gọ́tà ti ń wọ páìpù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ewé àti ẹ̀ka igi dúró. Nẹ́ẹ̀tì tí a tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń dí kíákíá. Èyí tí ó dagun máa ń jẹ́ kí ewé yọ́ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Asẹ́ kejì, tí ojú rẹ̀ kéré tó ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, yóò wà ní ẹnu táńkì, lẹ́yìn tíì. Kí ó fẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀ ńlá, torí pé ojú nẹ́ẹ̀tì kéékèèké ń dá omi dúró, bí ó bá sì kéré jù, omi òjò líle yóò ta kọjá lórí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi fóòmù, òwú tàbí iyanrìn sí ẹnu táńkì pẹ̀lú ìrètí pé yóò mú súùtì. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè mú lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò dí, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tàbí kí onílé fi ìbínú yọ ọ́ dà nù. Asẹ́ iyanrìn ní ibi tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ń lọ jẹ́jẹ́ láti inú táńkì sí ilé ìdáná ni ó bá mu, kì í ṣe omi tí ń ya wálẹ̀ láti orí òrùlé. Ní ẹnu táńkì, ewé àti ẹ̀fọn ni ti asẹ́, súùtì sì ni ti àgbá.

Inú táńkì àti páìpù àkúnwọ́sílẹ̀

Súùtì díẹ̀ yóò ṣì wọ táńkì. Ohun tí ó kù ni kí a jẹ́ kí ó sinmi sí ìsàlẹ̀, kí a má sì rú u sókè. Kí páìpù tí ń bọ̀ láti tíì sọ̀kalẹ̀ nínú táńkì títí dé ìsúnmọ́ ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì yí padà sókè bí ẹni tí ń wo ọ̀run, kí omi lè máa yọ jáde jẹ́jẹ́. Kí ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ń pọn omi sì ga ju ilẹ̀ táńkì lọ ní bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ó má baà máa fa ẹrẹ̀ jáde.

Páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ ni a sábà máa ń fojú kéré. Nígbà òjò ńlá, òjò lè máa rọ̀ ní ìwọ̀n mílímítà 100 ní wákàtí kan. Lórí apá òrùlé wa, lítà 6,000 ní wákàtí kan nìyẹn, tàbí lítà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Táńkì lítà 2,000 tí ó ṣófo yóò kún láàrin ìṣẹ́jú 20. Láti ìgbà náà lọ, lítà 100 gbọ́dọ̀ máa jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Páìpù íǹṣì 1 tí a sábà máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì kò lè gbé ju bíi lítà 25 lọ. Ìyókù yóò gba abẹ́ ìdérí jáde, yóò máa ya lu pèpéle, yóò sì máa gbẹ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí pèpéle yóò fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: kí ọ̀nà àbájáde má ṣe kéré ju ọ̀nà àbáwọlé lọ. Bí páìpù íǹṣì 4 bá wọlé, kí páìpù íǹṣì 4 jáde, kí ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu àbáwọlé lọ.

Ibi tí omi náà ń lọ tún ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ Pọtakọ́ọ̀tù tẹ́ pẹrẹsẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ sì súnmọ́ òkè, nítorí náà ilẹ̀ kì í tètè mu omi ní ìgbà òjò. A kò gbọ́dọ̀ darí rẹ̀ sí ìdí ògiri ilé, sí inú ihò ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí sí àgbàlá aládùúgbò. Kí ó lọ sí gọ́tà títì, kí ẹnu rẹ̀ sì dá dúró lókè, láìkan omi gọ́tà náà. Bí a bá ri ẹnu páìpù sínú gọ́tà, ọjọ́ tí títì bá kún fún àgbàrá ni ekòló, eku àti èéfín ìdọ̀tí yóò rí ọ̀nà gòkè lọ sí táńkì. Nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bo ẹnu yìí pẹ̀lú, nítorí ẹ̀fọn kì í bìkítà bóyá ẹnu ọ̀nà ni tàbí ẹ̀yìnkùlé.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Àyẹ̀wò tí ó dára jù kò ní owó nínú. Ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ bíi ọ̀sẹ̀ kan, kí a wá igò funfun mẹ́ta. Kí a bu omi inú àgbá sí èkíní, omi tí ń wọ táńkì ní kété tí àgbá kún sí èkejì, àti omi tí ń wọ táńkì ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà sí ẹ̀kẹta. Kí a tò wọ́n sórí ìwé funfun títí di ọjọ́ kejì. Súùtì yóò ti sinmi sí ìsàlẹ̀, a ó sì rí i bí ó ṣe pọ̀ tó. Bí igò èkíní bá dúdú tí èkejì sì súnmọ́ ẹ̀kẹta, àgbá tó òrùlé. Bí èkejì bá jọ èkíní, àgbá kéré jù, tàbí kí ó jẹ́ pé kò ṣófo kí òjò tó dé. Láti mọ ọ̀kan nínú méjèèjì, kí a fi ọwọ́ kan ara àgbá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò: ìró àgbá òfìfo yàtọ̀ sí ti èyí tí ó kún.

Ìgbà tí ètò yìí kì í tó ni ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ọyẹ́ oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́ẹ́rẹ́, súùtì tí ó ti lẹ̀ mọ́ páànù kì í tètè ṣí, mílímítà 3 kò sì lè fọ̀ ọ́ tán. Kí a gbọ́n gọ́tà òrùlé ní oṣù Èrèlé, kí a sì yọ páìpù tí ń lọ sí táńkì kúrò lára tíì fún òjò ńlá méjì àkọ́kọ́ ọdún, kí gbogbo omi wọn lọ sí ìta. Ẹni tí ó bá ro ti omi tí ó ń pàdánù yóò rí i pé kò tó nǹkan. Nínú òjò tí ó ga tó mílímítà 30, mílímítà 3 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ààlà rẹ̀

Páìpù omi àkọ́ṣàn ń dín idọ̀tí kù. Kì í sọ omi di mímu. Ohun tí ó ti yòrò nínú òjò láti ojú ọ̀run kì í dúró nínú àgbá, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tí ń wá láti inú ìgbẹ́ ẹyẹ kì í tán lẹ́yìn mílímítà 3. Omi táńkì yìí dára fún aṣọ fífọ̀, ilẹ̀ nínù, ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fún mímu ní agbègbè tí súùtì ti ń bà, a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e pẹ̀lú sísè nìkan. Bí òrùlé náà bá sì jẹ́ páànù àtijọ́ tí ó ti ń dípẹtà, tàbí èyí tí a fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe, omi tí ó kẹ́yìn yóò ní nǹkan òrùlé nínú gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Kò sí àgbá tí ó lè yanjú ìyẹn, àfi kí a pààrọ̀ òrùlé.